Kóńgò Méjì Ni Wọ́n Ń Lò

Ní ọlidé tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí ìyá mi pe ẹ̀gbọ́n mi ní olè. Owó tó fa ọ̀rọ̀ náà kò ju ₦11,544 lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kò jí i, kò sì ná an. Owó náà sọnù lójú ọ̀nà láàrin náírà àti dọ́là, lórí ìkànnì kan tó kọ ọ́ gàdàgbà sójú ara rẹ̀ pé òun kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fi owó sí àkáǹtì òun. Nítorí ₦11,544 yẹn ni mo ṣe ń kọ àròkọ yìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ìkànnì tó bá ń fi dọ́là ṣírò owó wa, tó sì ń gba náírà lọ́wọ́ wa, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ọ̀fẹ́ ni nígbà tí owó iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú iye tó fi ń ṣẹ́ dọ́là fún wa.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìyá mi ń ta èlùbọ́ àti ẹ̀wà ní ọjà Bódìjà, nílùú Ìbàdàn. Nígbà tí àjọ kàn wọ́n, wọ́n yọ ₦150,000 nínú rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi kí ó fi bẹ̀rẹ̀ òwò kan. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Òwò tí ó ní lọ́kàn ni èyí tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ń ṣe lórí fóònù, níbi tí wọ́n ti ń ra owó ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n sì ń tà á. Ìkànnì tí ó lò kò ní àkáǹtì náírà. Dọ́là nìkan ni ó fi ń ka owó gbogbo oníbàárà rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà kí a fi náírà ránṣẹ́ láti báńkì wa, òun fúnra rẹ̀ yóò sì sọ ọ́ di dọ́là.

Lójú fóònù, ẹ̀gbọ́n mi rí `Deposit fee: 0%`. Inú rẹ̀ dùn. Ẹni tí ó máa ń bínú nígbà tí báńkì bá yọ ₦50 lọ́wọ́ rẹ̀ ni, nítorí náà òdo yẹn wù ú gan-an. Lábẹ́ rẹ̀, ìkànnì náà kọ `You will receive: 96.15 USD`. Ó tẹ bọ́tìnnì, ₦150,000 lọ, 96.15 dọ́là sì jókòó sínú àkáǹtì rẹ̀.

Kò fi dọ́là kan ṣoṣo tajà. Ó ṣì ń kọ́ iṣẹ́ náà lórí àkáǹtì ìdánrawò, èyí tí owó inú rẹ̀ kì í ṣe owó gidi. Lọ́jọ́ kẹjọ, ìyá mi gbọ́ irú òwò tó jẹ́, wọ́n sì pariwo pé kí ó dá owó àwọn padà kíákíá. Ó gbọ́ràn, ó ní kí ìkànnì náà dá gbogbo 96.15 dọ́là náà padà sí báńkì òun. Nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì dé, ₦138,456 ló wà níbẹ̀.

Ìyá mi wò ó, wọ́n ní, "Níbo ni ìyókù wà?" Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ ohun tí yóò sọ. Ó ń tẹnu mọ́ ọn pé òun kò fọwọ́ kàn án, pé wọn kì í tilẹ̀ gba owó kankan níbẹ̀. Bí ó ṣe ń sọ pé wọn kì í gba owó ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dà bí irọ́ sí i. Bí ẹnikẹ́ni kò bá gba owó, tí ìwọ náà kò sì ná an, ta ló wá kó o? Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé òdo yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpolówó lásán. Òun ló sọ ẹ̀gbọ́n mi di òpùrọ́ lójú ìyá rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo mú ìwé ìṣirò mi, mo sì ṣe ohun tí ọmọ kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe. Mo fi dọ́là tó wọlé pín náírà tó jáde. Bí a bá fi 96.15 pín 150,000, yóò fún wa ní 1,560. Ìyẹn ni pé ₦1,560 ni ìkànnì náà ta dọ́là kan fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo tún ṣe irú rẹ̀ fún ìgbà tí ó ń gba owó jáde. Bí a bá fi 96.15 pín 138,456, yóò fún wa ní 1,440. Ìyẹn ni pé ₦1,440 ni ìkànnì kan náà fi ra dọ́là náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Láàrin ọjọ́ mẹ́jọ yẹn, iye dọ́là nínú ọjà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan. Nǹkan bíi ₦1,500 ni ó wà nígbà tí ó fi owó sí i, ibẹ̀ náà ni ó wà nígbà tí ó gbà á jáde.

Ẹ wo ibi tí owó náà gbà lọ. Nígbà tí ó ń wọlé, wọ́n fi ₦60 lé iye dọ́là kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó ń jáde, wọ́n yọ ₦60 kúrò. ₦120 lórí dọ́là kan, lọ́nà 96.15, ni ó di ₦11,538. Náírà mẹ́fà tó kù jẹ́ ìdá dọ́là tí wọ́n gé kúrò nígbà tí wọ́n kọ 96.15. Kò sí olè kankan nínú ilé wa. Nínú ₦100 kọ̀ọ̀kan tí ìyá mi fi sílẹ̀, nǹkan bíi ₦7.70 ló lọ.

Mo lọ ṣàlàyé fún ìyá mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dọ́là kò yé wọn. Mo wá béèrè lọ́wọ́ wọn pé, "Màámi, bí ẹnì kan bá ní kóńgò méjì ní ọjà ńkọ́?" Wọn kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Gbogbo ẹni tó ń ta èlùbọ́ ló mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Tí ó bá ń rà lọ́wọ́ àgbẹ̀, kóńgò ńlá ni yóò gbé jáde, yóò sì bu ú ní àbukún. Tí ó bá ń tà fún ẹ, èyí tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú ni yóò gbé jáde. Yóò sì máa búra pé òun kò fi kọ́bọ̀ lé owó ọjà, òótọ́ ni ó sì ń sọ, nítorí kò fọwọ́ kan owó rárá. Òṣùwọ̀n ni ó fọwọ́ kàn. Ìyá mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Àṣé kóńgò méjì ni wọ́n ń lò." Lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ padà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò gbèjà ìkànnì bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí n dá wọn lóhùn.

Àwọn kan yóò sọ pé kò sí ẹni tó ń ṣẹ́ owó tí kì í rà ní pọ́ọ́kú kí ó tó tà ní ọ̀wọ́n, pé ohun tó ń jẹ nìyẹn. Mo gbà. Ẹ lọ sí Sábó níbí ní Ìbàdàn, ẹ bá àwọn tó ń ṣẹ́ dọ́là lẹ́bàá títì. Iye tí wọ́n fi ń tà yàtọ̀ sí iye tí wọ́n fi ń rà, kò sì sí ẹni tó bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí ẹ bá béèrè pé èló ni dọ́là, wọn yóò kọ́kọ́ bi yín bóyá ẹ fẹ́ rà tàbí ẹ fẹ́ tà. Bí ẹ bá ní kí wọ́n sọ méjèèjì, wọn yóò sọ méjèèjì lójú ẹsẹ̀. Ẹ lè yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì kí ẹ tó na ọwọ́ sí àpò. Kò sí èyí tó sọ pé ọ̀fẹ́ lòun ń ṣe é nínú wọn. Ẹni tó jókòó sórí àga onígi lábẹ́ agbòòrùn wá ń ṣe òtítọ́ tí ìkànnì tó ní ìwé àṣẹ láti òkè òkun kò lè ṣe. Èmi kò ní kí wọ́n má jèrè. Ohun tí mo ní ni pé kí wọ́n pe èrè ní orúkọ rẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní kì í ṣe ìkànnì náà ló ń ṣẹ́ owó, pé ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń bá wọn gba náírà lọ́wọ́ báńkì wa ló ń fi iye tó wù ú lé e. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Láàrin báńkì ẹ̀gbọ́n mi àti àkáǹtì dọ́là rẹ̀, ẹnì kan wà tó gba náírà tó sì fi dọ́là rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi ló yàn án. Ìkànnì náà ló yàn án, òun ló bá a ṣe àdéhùn, òun ló sì fi orúkọ ara rẹ̀ sórí ojú ìwé tí òdo wà. Bí mo bá gbé ọlọ́kadà tèmi wá láti gbé ẹrù yín, tí mo sì sọ pé ọ̀fẹ́ ni, kò yẹ kí ọlọ́kadà náà tú àpò yín lójú ọ̀nà kí n wá ní kì í ṣe èmi.

Àwọn kan tún wà tí yóò sọ pé iye dọ́là ní ìjọba yàtọ̀ sí ti ọjà bíláàkì, pé ti ọjà bíláàkì ni ìkànnì náà ń lò, pé ìdí nìyẹn tí tirẹ̀ fi ga. Èyí ni ó kọ́kọ́ dà mí láàmú, títí mo fi rí i pé ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìṣirò tí mo ti ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé ọjà tí iye rẹ̀ ga ni wọ́n ń wò, ó yẹ kí iye náà ga nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń gba owó jáde pẹ̀lú. Kò ga nígbà náà. Ó ga nígbà tí gíga rẹ̀ yóò pa wá lára, ó wálẹ̀ nígbà tí wíwálẹ̀ rẹ̀ yóò pa wá lára. Nítorí náà, kò pọn dandan kí a mọ iye ti ìjọba tàbí ti ọjà bíláàkì kí a tó mọ ohun tí ìkànnì kan ń gbà. Àlàfo tó wà láàrin iye méjèèjì tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ti tó ẹ̀rí.

Ohun kan tún wà tó máa ń bo àlàfo yìí mọ́lẹ̀, òun ni pé náírà wa ti já wálẹ̀ púpọ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jẹ́ kí ọjà máa sọ iye náírà fúnra rẹ̀, dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦460 ti kọjá ₦1,500 kí ọdún 2024 tó parí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá mi kò béèrè owó wọn lọ́jọ́ kẹjọ, pé ẹ̀gbọ́n mi fi í sílẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, tí dọ́là wá di ₦1,650 nínú ọjà. Bí ìkànnì náà bá tún yọ ₦4 nínú ₦100 bíi ti àtẹ̀yìnwá, ₦1,584 ni yóò fi ra dọ́là náà padà. Ẹ̀gbọ́n mi yóò gba nǹkan bíi ₦152,300. Yóò fò sókè, yóò ní òun jèrè ₦2,300. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí kóńgò méjì, ₦150,000 rẹ̀ ìbá ti di 100 dọ́là lọ́jọ́ àkọ́kọ́, 100 dọ́là náà ìbá sì ti di ₦165,000. Wọ́n ti gba ohun tó lé ní ₦12,600 lọ́wọ́ rẹ̀, òun sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń lo irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ kì í fi í pariwo. Jíjá tí náírà ń já ń bá ìkànnì náà fi èéfín bojú.

Ẹni tó bá fẹ́ fi owó náà ṣòwò ló tún wà nínú wàhálà jù. Kí 96.15 dọ́là tó lè padà di ₦150,000 ní iye ₦1,440, ó gbọ́dọ̀ di 104.17. Ìyẹn ni pé ẹ̀gbọ́n mi gbọ́dọ̀ jèrè dọ́là mẹ́jọ ó lé díẹ̀ nínú òwò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù, kí ó lè padà dé ibi tí ó dúró sí kí ó tó tẹ bọ́tìnnì. Ó rò pé orí ìlà ni òun ti ń bẹ̀rẹ̀ eré. Inú kòtò ni wọ́n gbé e sí, wọ́n sì fi ewé bo ẹnu rẹ̀.

Báwo ni ènìyàn ṣe lè mọ̀ kí ó tó kó sí i? Iye tí wọ́n fi ń ta dọ́là kò ṣòro láti rí. Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, ìkànnì náà yóò kọ náírà tí ẹ ó san àti dọ́là tí ẹ ó gbà. Ẹ fi dọ́là pín náírà. Báńkì Àpapọ̀ máa ń gbé iye dọ́là sórí ìkànnì rẹ̀, ẹ lè fi wé e. Èyí tó ṣòro ni iye tí wọn yóò fi rà á padà, nítorí pé ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gba owó yín jáde ni wọ́n sábà máa ń fi hàn, ó sì ti pẹ́ jù nígbà náà. Ẹ kọ̀wé sí wọn kí ẹ tó fi owó sílẹ̀, kí ẹ béèrè pé, "Bí mo bá fẹ́ gba dọ́là ọgọ́rùn-ún jáde lónìí, náírà mélòó ni yóò dé báńkì mi?" Bí wọn kò bá lè dáhùn ìbéèrè yìí pẹ̀lú nọ́ńbà, ìdáhùn nìyẹn náà. Àwọn kan máa ń fi owó tó kéré jù tí ìkànnì gbà dán an wò, wọn yóò fi í sí i, wọn yóò sì gbà á jáde lọ́jọ́ kan náà. Ó dára, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ. Àwọn ìkànnì kan kì í jẹ́ kí o gba owó jáde bí o kò bá tíì fi tajà, àwọn mìíràn sì ní owó kan pàtó tí wọ́n ń yọ nígbà tí o bá ń gbà á jáde, èyí tó máa ń dà bí ńlá lórí owó kékeré. Bí ìkànnì kan bá jẹ́ kí o yan náírà fún àkáǹtì rẹ nígbà tí o ń forúkọ sílẹ̀, tí náírà sì ni owó tí o ní, yan náírà.

Ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ kí gbogbo ẹrù yìí wà lórí oníbàárà. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ní ilé wa, ₦50 tí báńkì ń yọ ni a ń bínú sí, nítorí pé ó ní orúkọ, a sì ń rí i. ₦11,544 kọjá níwájú wa, a kò rí i, nítorí pé kò ní orúkọ. Ní Yúróòpù, wọ́n ti rí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2019, Ìparapọ̀ Yúróòpù ṣe òfin pé ẹni tó bá ń ṣẹ́ owó fún ẹni tó ń fi káàdì sanwó gbọ́dọ̀ kọ ọ́, lọ́nà ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, bí iye tirẹ̀ ṣe ga ju iye tí Báńkì Àpapọ̀ Yúróòpù gbé jáde lọ. Kí ènìyàn tó san án ni wọn yóò ti kọ ọ́. Àwa náà ní òfin ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà, ó sì ní kí ẹni tó ń ta ọjà tàbí iṣẹ́ fi iye rẹ̀ han ẹni tó fẹ́ rà á. Ṣíṣẹ́ náírà sí dọ́là jẹ́ iṣẹ́. Iye rẹ̀ ni àlàfo tó wà láàrin kóńgò méjèèjì. Kí ni ó dé tí a kò fi lè rí i?

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè kò ju ìlà kan lọ lójú fóònù. Lábẹ́ ibi tí ìkànnì ti ń kọ dọ́là tí a ó gbà, kí ó kọ náírà tí yóò dé ọwọ́ wa bí a bá gba dọ́là náà jáde lójú ẹsẹ̀ kan náà. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti rí ₦150,000 lókè tí ó sì rí ₦138,456 nísàlẹ̀, kò tún ní nílò ìwé ìṣirò mi. Bóyá yóò ṣì tẹ bọ́tìnnì náà. Owó rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n yóò mọ ohun tó ń rà, yóò sì ní ohun tí yóò sọ fún ìyá rẹ̀.

Ìyá mi ti fi ₦138,456 náà ra ẹ̀wà. Kóńgò kan ṣoṣo ni wọ́n ní lórí tábìlì wọn ní Bódìjà. Òun ni wọ́n fi ń rà, òun náà ni wọ́n fi ń tà, ó sì wà níta gbangba níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè fi ojú rí i, kí wọ́n sì fi ọwọ́ kan ìdí rẹ̀.